Oṣù méjì tí ẹ sọ, ọjọ́ wo ni wọ́n gbọ́?

Ìbéèrè yẹn kì í pẹ́ jáde. Rikúrútà, ìyẹn ẹni tó ń bá iléeṣẹ́ wá òṣìṣẹ́, pè yín lórí fóònù. Ó ti bi yín léèrè iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́, ó ti béèrè owó oṣù tí ẹ ń retí, ìpè ti fẹ́ parí, ló bá ní: "Nótíìsì yín ńkọ́? Oṣù mélòó ni?" Ẹ ní oṣù méjì. Ó ní kò burú. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú àpótí kékeré kan tí wọ́n kọ `Notice period` sí lórí, ìyẹn àsìkò tí èèyàn ṣì gbọ́dọ̀ fi ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tó bá ti fún ọ̀gá rẹ̀ ní lẹ́tà pé òun ń lọ, ó sì dágbére fún yín.

Àpótí kékeré yẹn ni mo fẹ́ ká jókòó tì. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló máa dé iwájú ọ̀gá ẹ̀ka tó nílò èèyàn. Ọ̀gá yẹn á wo kàlẹ́ńdà, á ka oṣù méjì síwájú láti ọjọ́ tó rí i, á sì fọkàn sí ọjọ́ tó bá já sí. Bẹ́ẹ̀, oṣù méjì tiyín kò tíì bẹ̀rẹ̀. Kò ní bẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ tí lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ yín bá tẹ ọ̀gá yín lọ́wọ́, ẹ kò sì lè kọ lẹ́tà yẹn nígbà tí iṣẹ́ tuntun kò tíì dájú. Òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ sọ kọ́ ni wọ́n gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú oníṣirò owó kan, ká tẹ̀lé e lórí kàlẹ́ńdà ọdún 2026. Ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ sọ ohun méjì: pé nótíìsì rẹ̀ jẹ́ oṣù méjì, àti pé òpin oṣù ni nótíìsì náà gbọ́dọ̀ parí sí. Ó rántí ti àkọ́kọ́, kò rántí ìkejì. Rikúrútà pè é ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 2 oṣù Kẹta, ó sì dáhùn pé oṣù méjì. Lójú ọ̀gá tó ń wá èèyàn, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ni oníṣirò yìí yóò jókòó sórí àga.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àkọ́kọ́ wáyé ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta, ìkejì ní ọjọ́ 18. Wọ́n fẹnu kò ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 25, pé òun làwọn máa mú. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ dé ọwọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 27. Ṣùgbọ́n ìlà kan wà ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà: iṣẹ́ yìí di tirẹ̀ bí èèyàn méjì tó ti bá a ṣiṣẹ́ rí bá jẹ́rìí sí i, tí wọ́n sì ti yẹ ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wò. Àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 30. Ọ̀kan nínú ẹlẹ́rìí méjèèjì wà lẹ́nu ìsinmi, kò fèsì sí ímeèlì wọn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin, ni wọ́n tó kọ̀wé pé ohun gbogbo ti pé. Ọjọ́ yẹn gan-an ló fún ọ̀gá rẹ̀ ní lẹ́tà.

Ẹ wá ka oṣù méjì láti ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin: ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà. Àmọ́ òpin oṣù ni ó gbọ́dọ̀ parí sí, nítorí náà ó di ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà. Ọjọ́ 1 oṣù Keje ló máa dé iṣẹ́ tuntun. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ pè é, ọjọ́ 121 ni. "Oṣù méjì" ti di oṣù mẹ́rin, kò sì sẹ́ni tó purọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀gá ibẹ̀ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ o. Ó ti ń retí èèyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, gbogbo ọjọ́ tó bá sì lé sí i ló ń rò pé oníṣirò yìí ló ń fà á nílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa nínú kàlẹ́ńdà yẹn ni ọjọ́ kan ṣoṣo: ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 31 oṣù Kẹta. Ká ní lẹ́tà rẹ̀ wọlé lọ́jọ́ yẹn, ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ni nótíìsì ì bá parí, ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, ni ì bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Gẹ́rẹ́ tí ọjọ́ náà kọjá, ì báà jẹ́ ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ló fún wọn ní lẹ́tà, ì báà jẹ́ ọjọ́ 30, ibì kan náà ló ń já sí. Ọjọ́ mẹ́tàlá tó fi pẹ́ gba ọgbọ̀n ọjọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú gbogbo nótíìsì tó gbọ́dọ̀ parí sí òpin oṣù, irú ọjọ́ yìí wà. Ọjọ́ ààlà ni mo ń pè é, nítorí bí ẹ bá fi wákàtí kan rékọjá rẹ̀, odindi oṣù kan lọ.

Ǹjẹ́ wọ́n lè ti bá ọjọ́ ààlà yẹn? Wọ́n lè bá a dáadáa. Bí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kejì bá wáyé ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13, dípò ọjọ́ 18, ìpinnu lè jáde ní ọjọ́ 20, lẹ́tà lè dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 24. Àyẹ̀wò á bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 25, ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún péré ló sì kù títí di ọjọ́ 31. Ọjọ́ márùn-ún kéré, ṣùgbọ́n ó tó fún ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n ti sọ fún tẹ́lẹ̀ pé ímeèlì kan ń bọ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n máa fi sún ìjókòó kan síwájú, wọ́n á sì jèrè oṣù kan. Kò sí rikúrútà tí kò ní gbìyànjú rẹ̀ bó bá mọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò mọ̀. Àpótí tó wà níwájú rẹ̀ kò gbà ju "oṣù méjì" lọ, oníṣirò náà kò sì sọ ìyókù.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá bi yín, ẹ fún wọn ní iye tó wà nínú ìwé, ẹ sọ ìgbà tí kíká rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó gbọ́dọ̀ parí sí, kí ẹ wá fi ọjọ́ orí kàlẹ́ńdà kádìí rẹ̀. Ní ti oníṣirò yìí, ohun tí ì bá sọ ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta kò gùn: "Oṣù méjì ni nótíìsì mi, láti ọjọ́ tí mo bá fún wọn ní lẹ́tà, òpin oṣù ló sì gbọ́dọ̀ parí sí. Bí mo bá lè fún wọn kí oṣù yìí tó parí, màá wọlé sọ́dọ̀ yín ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà. Bó bá wọ oṣù tó ń bọ̀, ó di ọjọ́ 1 oṣù Keje." Lẹ́yìn ìpè, kó tún un kọ ránṣẹ́ sí i ní ímeèlì, nítorí ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ ni rikúrútà lè dà kọ sí ọ̀gá ẹ̀ka láì yí i padà. Ọ̀rọ̀ ẹnu á ti sọnù kó tó dé ọ̀hún.

Bí ìwé tiyín kò bá dárúkọ òpin oṣù, kò sí ọjọ́ ààlà níbẹ̀. Ọjọ́ kan tí ẹ bá pẹ́, ọjọ́ kan náà ló máa lé. Ẹ lè sọ pé: "Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ́yìn ọjọ́ tí lẹ́tà mi bá wọlé ni." Ó ti tó.

Ṣùgbọ́n ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ ṣí ìwé àdéhùn náà kí ẹ tó gba ìpè ẹnikẹ́ni, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ẹ rántí. Ẹ wò ó bóyá oṣù ni wọ́n kọ síbẹ̀ ni, tàbí ọ̀sẹ̀, tàbí ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin jẹ́ ọjọ́ 28, oṣù kan lè tó ọjọ́ 31. Ọ̀sẹ̀ méjìlá jẹ́ ọjọ́ 84, oṣù mẹ́ta lè tó ọjọ́ 92. Ìyẹn ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Èyí tó tún burú jù ni "ọjọ́ 30" níbi tí ìwé ti sọ pé ọjọ́ iṣẹ́ ni: bó bá jẹ́ ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nìyẹn, kì í ṣe oṣù kan. Ẹ tún wò ó bóyá ẹ ṣì wà ní àsìkò ìdánwò lẹ́nu iṣẹ́, torí nótíìsì inú àsìkò yẹn sábà máa ń kúrú. Bí ẹ bá sì ti pẹ́ níbẹ̀, tàbí tí wọ́n ti gbé yín ga, ẹ wá lẹ́tà ìgbéga yẹn jáde. Inú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni oṣù kan ti máa ń di oṣù mẹ́ta, níbi tí ojú ẹni wà lára owó oṣù tuntun, tí kò wo ìlà tó kù. Òfin ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ náà lè ní iye tirẹ̀ tí ìwé kò gbọ́dọ̀ rélẹ̀ sí. Ẹ yẹ ẹ́ wò pẹ̀lú.

Àwọn kan máa ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá sọ pé oṣù mẹ́ta, wọ́n á kàn fọwọ́ rọ́ àwọn sẹ́yìn ni. Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe ti òmùgọ̀. Bí èèyàn méjì bá dọ́gba lójú ọ̀gá ẹ̀ka, tí ọ̀kan sì lè bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó lè mú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ro ìgbà tí wọ́n máa mọ̀. Bí wọ́n bá mọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀gá ẹ̀ka ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti ronú: ó lè pín iṣẹ́ náà fún àwọn tó wà nílẹ̀, ó lè gba ẹni tí yóò di ipò náà mú fún ìgbà díẹ̀, ó sì ti mọ iye tó máa ná an kó tó mọ̀ bóyá ẹ̀yin ló ń fẹ́. Bí ẹ bá sì wá fi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wọ̀ ọ́ lójú, ó ti mọ ohun tó ń rà. Ní ti ẹni tó sọ "oṣù kan" tó wá sọ "oṣù mẹ́ta" nígbà tí lẹ́tà ti jáde, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹni kejì tí wọ́n fi sílẹ̀ kò tíì jìnnà, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ṣì wà lójú ìwé, ọ̀gá ẹ̀ka á sì máa bi ara rẹ̀ pé kí ni nǹkan mìíràn tí onítọ̀hún kò tíì sọ. Lójú tèmi, gígùn nótíìsì kò ba ọ̀rọ̀ jẹ́ tó àyípadà rẹ̀.

Ìdáhùn méjì kan tún wà tí kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àkọ́kọ́ ni "mo lè bẹ̀rẹ̀ nígbàkigbà" lẹ́nu ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́. Rikúrútà tó mọṣẹ́ á gbọ́ ọ bíi pé ẹ fẹ́ sá kúrò níbẹ̀ láìfún wọn ní nótíìsì, á sì rò ó pé bí ẹ ṣe máa ṣe òun náà nìyẹn. Ìkejì ni "a lè jọ sọ ọ́", láìsí iye kankan nínú rẹ̀. Kò lè tẹ ìyẹn sínú àpótí. Yóò fi èyí tó bá wù ú síbẹ̀, èyí tó sì sábà máa ń wù ú ni èyí tó kúrú.

Bí ẹ bá ti fún wọn ní ọjọ́ tiyín, ẹ béèrè tiwọn. "Ṣé ọjọ́ kan wà tí ẹni tí ẹ bá mú gbọ́dọ̀ ti wọlé?" Ìdáhùn ìbéèrè yìí wúlò ju èyí tí ọ̀pọ̀ ń béèrè lọ. Nígbà mìíràn kò sí ọjọ́ kankan, wọ́n kàn ń kánjú ni. Nígbà mìíràn ọjọ́ náà wà gidi: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn tuntun ń bẹ̀rẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ kan, tàbí owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ipò náà ń parí pẹ̀lú ọdún ìnáwó, tàbí ẹni tó wà níbẹ̀ ń lọ, wọ́n sì fẹ́ kó fi iṣẹ́ hàn yín kó tó lọ. Bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá ṣáájú ọjọ́ tiyín, ẹ ti mọ̀ láti òní, ẹ kò ní ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mẹ́ta kí ẹ tó mọ̀.

Ibẹ̀ ni rikúrútà ti máa béèrè pé: "Ṣé kò lè kúrú sí i?" Ó lè kúrú, ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá tí ẹ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lè gbà kí ẹ tètè lọ, pàápàá bí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín bá ti fẹ́ parí tàbí tí ẹnìkan ti wà tí ẹ lè fà á lé lọ́wọ́. Ẹ kò sì lè bi í léèrè títí ẹ ó fi fún un ní lẹ́tà. Nítorí náà, ní ìgbà ìpè àkọ́kọ́, kò sí ohun tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹnu dùn-ún ro ẹ̀fọ́. Ohun tó tọ́ láti sọ ni: "Mo lè bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ fi oṣù méjì náà ṣe ètò yín." Bí wọ́n bá gbà fún yín, ìròyìn ayọ̀ lẹ máa mú lọ. Bí wọn kò bá gbà, kò sí àdéhùn tó bàjẹ́.

Ìsinmi ọdọọdún tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ tún máa ń tan èèyàn jẹ. Ká ní oníṣirò wa ní ọjọ́ ìsinmi mẹ́jọ tí kò tíì lò, tí ọ̀gá rẹ̀ sì gbà kó fi parí nótíìsì. Bí a bá ka ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́jọ padà sẹ́yìn láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 18, ni yóò jókòó nídìí iṣẹ́ kẹ́yìn. Ó lè fẹ́ sọ fún ibi tuntun pé òun lè wọlé ní ọjọ́ 19. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́nu ìsinmi ṣì jẹ́ òṣìṣẹ́ ibi tó ti gba ìsinmi, owó oṣù wọn ló ń jẹ, òfin wọn ló sì dè é, èyí tó kà á léèwọ̀ láti ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn náà sì lè wà nínú rẹ̀. Àfi bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ fún un pé àdéhùn parí ní ọjọ́ 18, kí wọ́n sì san owó ọjọ́ mẹ́jọ náà fún un. Bákan náà ni ti ẹni tí ọ̀gá ní kó lọ máa jókòó sílé títí nótíìsì yóò fi pé: ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ṣùgbọ́n kò tíì dòmìnira.

Níbi tí ìwé bá ti gbà á láyè, èèyàn lè fi owó ra àsìkò tó kù. Ó máa san owó oṣù ọjọ́ tí kò fẹ́ ṣe padà fún ibi àtijọ́. Iléeṣẹ́ tuntun máa ń gbà nígbà mìíràn láti dá owó yìí padà fún un. Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀, kí ó wà nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ kí ẹ tó san kọ́bọ̀: iye rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n máa san án, ẹni tí owó orí rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, àti bóyá ẹ máa dá a padà bí ẹ bá kúrò níbẹ̀ kí ọdún tó yí po. Ìlérí orí fóònù lórí ọ̀rọ̀ yìí kò tó nǹkan.

Ohun kan ṣoṣo wà tí mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi ìkánjú lé ẹ̀yin èèyàn mi lórí rẹ̀. Bí ọjọ́ ààlà bá ń sún mọ́lé, rikúrútà lè ní, "Ẹ kúkú fún wọn ní lẹ́tà lónìí, àyẹ̀wò yẹn kò ní pẹ́ parí." Ó lè máa sọ òótọ́ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àyẹ̀wò bá yọrí sí nǹkan mìíràn, tàbí tí wọ́n ti ipò náà pa, òun kọ́ ni yóò wà láìníṣẹ́. Ẹ wo lẹ́tà yín: bí gbólóhùn "bí àyẹ̀wò bá yọrí sí rere" bá ṣì wà nínú rẹ̀, tí ẹ kò tíì gba ìwé pé ó ti yọrí, iṣẹ́ náà kò tíì jẹ́ tiyín. Ẹ dá a lóhùn pé: "Lọ́jọ́ tí ìwé yẹn bá dé, lọ́jọ́ náà ni màá fún wọn ní lẹ́tà." Nísinsìnyí, òun ló máa lọ bá àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò, kì í ṣe ẹ̀yin ló máa sáré. Tiyín ni kí ẹ ti kó ìwé ẹ̀rí jọ, kí ẹ sì ti pe ẹlẹ́rìí méjèèjì láti ọ̀sẹ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kejì, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n wà nílé. Ìbéèrè kan yẹn, "ṣé ẹ ò ní lọ fún ìsinmi láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yìí?", ni ì bá gba oníṣirò wa sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá fún wọn ní lẹ́tà, ẹ fi í ránṣẹ́ ní ímeèlì kódà bí ẹ bá ti fi ọwọ́ fún ọ̀gá, kí ọjọ́ tó wọlé lè hàn. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbà pé ó jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn yín sínú rẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n fèsì pé bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́tà tó bá dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn tí wọ́n ti tilẹ̀kùn, wọ́n lè ní ọjọ́ Ajé làwọn rí i. Bó bá jẹ́ òpin oṣù wà láàárín méjèèjì, ẹ ti mọ ohun tó máa ná yín. Nígbà tí èsì bá dé pẹ̀lú ọjọ́ nínú, ẹ fi ọjọ́ yẹn ránṣẹ́ sí rikúrútà ní wákàtí náà: "Wọ́n ti gba lẹ́tà mi. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ni mo parí. Ẹ máa retí mi ní ọjọ́ 1 oṣù Keje, ní aago tí ẹ bá dá." Ọ̀gá ẹ̀ka á fi sínú kàlẹ́ńdà rẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ̀ǹpútà àti àga sílẹ̀ dè yín.